Àlááàmù dún, àmọ́ omi ti dí ọ̀nà kí àwọn èèyàn tó jáde: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Àdúgbò wa wà létí odò gan-an, a sì ní géèjì kan lókè odò tó ń wọn bí omi ṣe ga tó, tó sì máa ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí fóònù àwa tí a wà nínú kọmití. A ṣètò ẹ̀ pé tí omi bá kan mítà 3.2 kí àlááàmù dún. Lóru tí omi dé kẹ́yìn ó dún lóòótọ́, àmọ́ omi ti bo ojú ọ̀nà kí gbogbo èèyàn tó jáde, okùn la fi fa àwọn àgbàlagbà kan kọjá. Ṣé ká pààrọ̀ géèjì yẹn ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bọ́. Ẹ má tíì náwó sórí géèjì mìíràn, torí látinú ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, géèjì ṣe iṣẹ́ ẹ̀, mítà 3.2 yẹn gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Báwo lẹ ṣe mú un? Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wo ibi tí omi ti máa ń kún bo bèbè, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n á ní kí àlááàmù máa dún níbẹ̀. Ẹ̀yìn ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ẹ̀, ìyẹn láti àsìkò tí ọ̀nà máa dí, ká wá máa kà á padà títí a ó fi mọ ibi tó yẹ kí omi wà lókè odò nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́.

Mo ní àsìkò tí ọ̀nà máa dí o, mi ò ní àsìkò tí omi máa wọ ilé. Ẹ rin ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà sá láti ilé tó jìnnà jù títí dé ibi gíga tẹ́ ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ wá ibi tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn, ó sábà máa ń jẹ́ orí kọ́fátì tàbí ibi tí ọ̀nà ti sọdá gọ́tà ńlá. Ibẹ̀ lomi máa ń kọ́kọ́ dé, tó bá sì ti débẹ̀, àwọn tí ilé wọn ṣì gbẹ ò rọ́nà gbà mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé omi ọ̀hún ò jìn, torí omi tó ń sáré lè gbé àgbàlagbà ṣubú tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 péré, tó bá tó 30 ó lè mú mọ́tò kékeré léfòó, tó bá fi máa tó 60 èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò ló máa gbé lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá bí ẹ̀kún omi ṣe ń pẹ́ tó láti ìdí géèjì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Inú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀kún tó ti kọjá lẹ ti máa rí i, ẹ wo aago tí omi ga jù nídìí géèjì, kẹ́ ẹ wo aago tó ga jù lọ́dọ̀ yín, bí ẹ̀kún mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà ẹ mú èyí tó yára jù nínú wọn. Àwọn kan máa ń ju igi sínú odò kí wọ́n lè mọ wákàtí tó máa lò, èyí ò dáa, torí ìgbì ẹ̀kún sábà máa ń yára ju omi tó ń gbé igi yẹn lọ, àti pé odò ọjọ́ lásán kì í sáré bí odò tó kún.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é pẹ̀lú fígọ̀, tiyín lè yàtọ̀, ẹ kàn fi tiyín rọ́pò ẹ̀. Ká ní ẹ ti rí i pé ìgbàkígbà tí omi bá dé mítà 3.4 nídìí géèjì, wákàtí 2 lẹ́yìn náà ni omi máa ń gorí kọ́fátì yẹn. Ẹ wá ka àsìkò táwọn èèyàn nílò. Géèjì ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 30 sí 30, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé omi lè ti kọjá ìwọ̀n yẹn fún ìṣẹ́jú 30 kẹ́ ẹ tó gbọ́. Kí ẹnì kan nínú kọmití jí, kó pe ẹlòmíì kí wọ́n jọ fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ìṣẹ́jú 15. Kí ìròyìn kárí gbogbo ilé, 30. Kí àwọn èèyàn jí ọmọ, kó ìwé àti oògùn, kí wọ́n tilẹ̀kùn, wákàtí 1, ẹ má gé èyí kù torí òun gan-an làwọn èèyàn máa ń fojú di. Kí ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ jù kọjá kọ́fátì, 45. Ẹ wá fi 30 sí i fún ohun tí ò bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe rò. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ wákàtí 3 àbọ̀.

Omi fún yín ní wákàtí 2, ẹ nílò 3 àbọ̀, ó ku wákàtí 1 àbọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá síbì kan. Bí omi bá ń ga ní sẹ̀ǹtímítà 40 ní wákàtí kan, wákàtí 1 àbọ̀ yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú mítà 3.4, ó ku mítà 2.8. Mítà 3.2 tiyín wá ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 20 péré ló fi ṣáájú 3.4, ìyẹn ìlàjì wákàtí, ó fi wákàtí 2 àbọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ wákàtí 3 àbọ̀. Wákàtí kan tó dín yẹn lẹ fi fa okùn. Bí ẹ̀kún tó le jù nínú àkọsílẹ̀ bá sì ń ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 ní wákàtí kan, á jẹ́ pé mítà 2.5 ló yẹ kẹ́ ẹ mú. Èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Ìbéèrè: Mítà 2.5? Ọ̀pọ̀ ìgbà lomi máa ń kan ibẹ̀ tó sì máa fà padà. Tá a bá ń lé àwọn èèyàn jáde ní gbogbo ìgbà yẹn, tó bá di ìgbà kẹta wọn ò ní dá wa lóhùn mọ́.

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ sọ, torí ẹ̀ ni kò fi yẹ kí gbogbo èèyàn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí méjì. Ní mítà 2.5, àwọn tí wákàtí 3 àbọ̀ yẹn wà fún nìkan ló máa lọ, ìyẹn àwọn àgbàlagbà, aláìsàn, ẹni tí kò lè rìn dáadáa, aboyún, àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa mú kálukú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn yòókù á múra sílẹ̀, wọ́n ò ní tíì lọ. Múra tí wọ́n ti múra yìí ló máa gé wákàtí 1 kíkó ẹrù yẹn kúrò, ẹsẹ̀ wọn sì yá ju tàwọn àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà wákàtí 2 àti díẹ̀ ti tó wọn. Ní mítà 3.2 kí gbogbo wọn máa lọ, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀kún tó ń sáré yẹn ni, tí omi fi ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ láàárín wákàtí kan, kẹ́ ẹ má dúró de 3.2, mítà 2.9 ni kí wọ́n ti gbéra.

Kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́ ẹ wo gíráàfù náà pẹ̀lú. Ẹ̀kún gidi máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n kan á tẹ̀lé òmíràn. Bó bá fò sókè ní sẹ̀ǹtímítà 70 láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì, tó wá dúró síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé igi àti pàǹtírí ló dí odò nísàlẹ̀ géèjì, tàbí pé ẹ̀ka igi tàbí òwú aláǹtakùn wà lábẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wo omi látòkè. Tó bá sì jẹ́ sẹ́ńsọ̀ inú omi, tí fígọ̀ kan náà ń jáde ṣáá lásìkò tí òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti bò ó. Ẹ fi pátákó ìwọ̀n omi tí wọ́n kun sí ẹ̀gbẹ́ géèjì, kẹ́ ẹ ní ẹnì kan tó ń gbé nítòsí tó lè fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ibi gíga kó sì pè yín. Ìṣẹ́jú 15 ìfìdímúlẹ̀ yẹn nìyẹn. Tí ẹ ò bá rí i bá sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 náà, ẹ gba géèjì gbọ́.

Ìbéèrè: Tí géèjì bá wá dákẹ́ pátápátá ńkọ́? Lóru yẹn ìwọ̀n méjì ò wọlé rárá.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè èyí, torí òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní oṣù keje ọdún 2021, géèjì tó wà ní Altenahr létí odò Ahr ní Jámánì ránṣẹ́ mítà 5.75 ní alẹ́ ọjọ́ 14, ó wá dákẹ́, omi ló gbé e lọ. Èyí tó ga jù tí géèjì yẹn ti rí tẹ́lẹ̀ ni mítà 3.71 ní 2016. Omi ṣì ń ga lọ lẹ́yìn tó dákẹ́, àwọn tó kú ní àfonífojì yẹn sì lé ní 130. Ẹ̀kún tó tóbi jù ló máa ń ba géèjì jẹ́, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín pé tí òjò bá ń rọ̀ tí ìwọ̀n méjì ò wọlé tẹ̀léra, ipele àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àfi tí ẹni tó wà nídìí pátákó bá pè pé omi ò ga.

Ohun kan tún wà tí géèjì ò lè rí bó ti wù kó dáa tó, ìyẹn omi tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Bí odò kékeré kan bá ń ṣàn wọ odò yín láàárín géèjì àti àdúgbò, òjò lè rọ̀ sórí ìyẹn nìkan kí géèjì máa sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ fi pátákó síbẹ̀ náà kẹ́ ẹ wá olùṣọ́ fún un. Tó bá jẹ́ dáàmù ló wà lókè, nọ́ńbà ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn dáàmù yẹn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni méjì ó kéré tán nínú yín.

Ìbéèrè: Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé tẹ́ẹ̀sì ò dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn tó rí i gbà náà dúró ń pe ara wọn. Báwo la ṣe máa ṣe ìyẹn?

Ìdáhùn: Iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ tẹ̀lé e, ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lo tẹ́ẹ̀sì àti Wásáàpù, àmọ́ kẹ́ ẹ tún ní ohun tí kò gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì: sáírìnì tó ń lo bátìrì, gbohùngbohùn ọwọ́, àti ẹnì kan ní òpópónà kọ̀ọ̀kan tó máa kan ilẹ̀kùn bíi 15, kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tí ilé wọn sún mọ́ odò jù. Kí dídún sáírìnì fún ipele méjèèjì yàtọ̀ síra, kẹ́ ẹ sì dán an wò lọ́sàn-án kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí wọ́n fi ń pe ara wọn ni pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán ò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. “Omi ti dé mítà 3.2” ò já mọ́ nǹkan kan létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ látìsinsìnyí, kó ku aago nìkan tẹ́ ẹ máa fi kún un: “Kọmití àdúgbò ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ kọ́fátì, ẹ jáde báyìí. Omi máa dí ọ̀nà ní aago 4 òru. Ọ̀nà òkè ni kẹ́ ẹ gbà lọ sí ilé ìwé. Ẹ má gba etí odò. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín.” Kẹ́ ẹ wá yan ẹnì kan tó máa dúró lókè kọ́fátì pẹ̀lú ìwé orúkọ, kó máa fàmì sí ẹni tó bá ti kọjá, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí omi tó gorí ibẹ̀ ni kó pe orúkọ tó bá ṣẹ́ kù fún àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn.