Ṣáàtì tọ̀nédò iṣẹ́ gàrí: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Inú Excel la ti ń ṣe ṣáàtì tọ̀nédò. A máa ń gbé èròjà ìṣirò kọ̀ọ̀kan, bí owó ẹ̀gẹ́ tàbí owó gàrí, sí iye kékeré àti iye ńlá, ọ̀pá rẹ̀ á sì fi hàn bí iye iṣẹ́ náà ṣe yí padà tó. Èyí tó gùn jù ló ń wà lókè.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo yí owó ẹ̀gẹ́ padà, àmọ́ ọ̀pá rẹ̀ nínú ṣáàtì kò mì rárá.

Ìdáhùn: Ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà lásán síbi tó yẹ kí fọ́múlà wà. Ẹ dúró lórí sẹ́ẹ̀lì owó ẹ̀gẹ́, ẹ lọ sí Formulas, ẹ tẹ Trace Dependents. Bí ọfà kankan kò bá jáde, kò sí ohun tó ń lo sẹ́ẹ̀lì yẹn.

Ìbéèrè: Iye kan náà ló ń jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀ Data Table mi.

Ìdáhùn: Formulas, Calculation Options, ẹ yan Automatic. Bí kò bá yí padà, ẹ wò ó bóyá èròjà tí ẹ ń yí wà lórí ṣíìtì mìíràn. Orí ṣíìtì kan náà pẹ̀lú Data Table ló gbọ́dọ̀ wà.

Ìbéèrè: Ọ̀pá tó gùn jù ló bọ́ sísàlẹ̀, gbogbo wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Ìdáhùn: Ẹ to àwọn ìlà láti orí èyí tó gùn jù, kí ẹ sì tẹ Categories in reverse order. Ìlà àárín kì í dúró sórí òdo. Orí iye tí iṣẹ́ náà ní kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun ló ń dúró.

Ìbéèrè: Mo fi 10% kún èròjà kọ̀ọ̀kan, mo tún yọ 10%. Kí ló dé tí ẹ ní kò tọ́?

Ìdáhùn: Mo ti dáhùn èyí títí ó fi sú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn. Nǹkan kì í yí padà ní ìwọ̀n kan náà. Dísù lè fò sókè ju 50% lọ láàárín ọdún kan, owó ilẹ̀ tí ẹ ti san tán kò sì ní yí rárá. Bí ẹ bá fi 10% na gbogbo wọn, ohun tí ẹ ń wọ̀n kò ju bí èròjà kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó nínú ìṣirò lọ. Níbi iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ kò nípọn, owó tí ẹ ń ta ọjà ni yóò máa wà lókè ní gbogbo ìgbà, torí gbogbo owó tó ń wọlé ló gbé dání. Fún èròjà kọ̀ọ̀kan, ẹ wá iye kékeré tó jẹ́ pé bóyá ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́wàá ni yóò lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wá iye ńlá tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá ni yóò kọjá rẹ̀. Inú ìwé ọjà yín ni kí ẹ ti wá a.

Ìbéèrè: Owó gàrí ló wà lókè ṣáàtì wa nígbà gbogbo, a ò sì lè pàṣẹ fún ọjà. Kí ni ká wá ṣe?

Ìdáhùn: Èyí ni mo bá jà jù. Ẹgbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ti ní ilé gàrí kékeré fẹ́ kọ́ ńlá, wọ́n sì gbé ìṣirò wọn wá. Mo ti sọ àwọn iye náà di nọ́ńbà tó rọrùn kí ẹ lè bá mi ṣe é. Wọ́n máa ná mílíọ̀nù 50 náírà sórí ilé àti ẹ̀rọ. Lọ́dọọdún, fún ọdún márùn-ún, wọ́n máa ra ẹ̀gẹ́ 800 tọ́ọ̀nù ní ₦80,000 tọ́ọ̀nù kan, wọ́n máa ta gàrí 200 tọ́ọ̀nù ní ₦600,000 tọ́ọ̀nù kan, owó òṣìṣẹ́, igi, dísù àti ọkọ̀ yóò sì jẹ́ mílíọ̀nù 36. Ó ku mílíọ̀nù 20 lọ́dún. Tí a bá fi èlé 25% dín owó ọjọ́ iwájú kù, tí a sì yọ mílíọ̀nù 50 náà, iye iṣẹ́ náà lónìí jẹ́ mílíọ̀nù 3.8. Kò nípọn.

Pẹ̀lú 10% wọn, owó gàrí gbé iye náà láti −28.5 dé +36.1 mílíọ̀nù, owó ẹ̀gẹ́ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ń wá oníbàárà l'Ékòó tó máa bá wọn fọwọ́ sí iye kan fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì ti fẹ́ dín owó kù fún un.

Mo ní kí wọ́n gbé ìwé ọjà ilé gàrí àtijọ́ wá, mo sì kọ owó gàrí àti owó ẹ̀gẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí gàrí bá wọ́n, ẹ̀gẹ́ á wọ́n. Bí gàrí bá já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ á gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣáàtì kì í mọ èyí. Ó ń já owó gàrí lulẹ̀ nígbà tó di owó ẹ̀gẹ́ mú sókè, ohun tí ọjà kì í sábà ṣe. A wá so wọ́n pọ̀: a sọ owó ẹ̀gẹ́ di ìdá kan nínú owó gàrí, ìdá náà sì di èròjà tirẹ̀.

```
B6: =B5*B8
```

B5 ni owó gàrí, B6 owó ẹ̀gẹ́, B8 ìdá náà, tó jẹ́ =80000/600000, bíi 13.3%. Nígbà tí gàrí já wálẹ̀ ní 10%, ẹ̀gẹ́ náà já, iye iṣẹ́ náà sì wá wà láàárín −11.3 àti +18.8 mílíọ̀nù péré. Ìwé ọjà fi hàn pé ìdá náà fúnra rẹ̀ máa ń wà láàárín 12% àti 15%. Ìyẹn gbé iye náà láti −17.7 dé +21.0.

Síbẹ̀ kò tíì bá ìwé ọjà dọ́gba. Àwọn oṣù kan wà tí ẹ̀gẹ́ ò wọ́n, tí gàrí ń tà, tí èrè ò sì sí. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ìyá tó ń ṣe olórí wọn gbé ẹ̀gẹ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀gẹ́ òjò rèé. Omi ló máa jò nínú àpò." Òótọ́ ni: bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ á máa fi oúnjẹ inú rẹ̀ hu ewé tuntun, omi inú rẹ̀ á pọ̀, gàrí tí yóò jáde á dín. Wọ́n tẹ gàrí 200 tọ́ọ̀nù sínú ìṣirò bí ẹni pé àṣẹ ni. Ohun tí a kò bá fi ṣe èròjà kò ní ọ̀pá, ẹni tó ń wo ṣáàtì kò sì ní mọ̀ pé ó wà.

A yọ 200 náà kúrò, a fi gàrí tó ń jáde nínú ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀:

```
=-B1+PV(B2,5,-(B3*B4*B5-B3*B6-B7))
```

B1 ni owó ìbẹ̀rẹ̀, B2 èlé, B3 tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́, B4 ìdá gàrí tó ń jáde, B7 ìnáwó yòókù. Inú ìwé ọjà, B4 wà láàárín 22% àti 26%. Ní 22%, iye iṣẹ́ náà jẹ́ −34.9 mílíọ̀nù, ní 26%, +16.7. Òun ló wá gùn jù, ó sì gùn sí apá òfò ju apá èrè lọ, torí inú àwọn oṣù tó dára ni wọ́n ti mú 25% wọn. Bí ó bá fi lè bọ́ sábẹ́ 24.7%, iṣẹ́ náà ń jẹ gbèsè.

Wọ́n dá ọ̀rọ̀ oníbàárà Èkó dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àpẹẹrẹ nínú ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sanwó, wọ́n sì ń bó ẹ̀gẹ́ kí ọjọ́ kejì tó pé, nítorí kì í pẹ́ bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá hú u.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni mo máa gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Ìdáhùn: Tí èròjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá so mọ́ ara wọn tí ẹ ò lè fi ìdá kan so wọ́n. Ṣáàtì yìí ń yí nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Kò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀gẹ́ òjò, dísù tó wọ́n àti ọ̀nà tó bàjẹ́ bá dé lóṣù kan náà. Ìyẹn nílò kí kọ̀ǹpútà yan iye gbogbo wọn pọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ẹni tó bá sì máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Ẹ má ṣe gbé e lọ láìmú ìwé ọjà yín dání.