Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé tí mo rà

Fúláàtì la kọ́kọ́ lọ wò. Owó rẹ̀ dára, àfi ìgbà tí lọ́yà wa ṣí ìwé rẹ̀ tó ní ọdún 71 péré ló kù lórí líìsì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹni tó bá ra líìsì, iye ọdún ló rà. Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ onílẹ̀, bí ọdún yẹn bá sì pé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń padà sí. Bó bá ti já wá sí ìsàlẹ̀ 80, owó tí onílẹ̀ máa gbà kó tó fi ọdún kún un a ga gan-an. Ìyàwó mi ní ká má wulẹ̀ jókòó ti ìyẹn.

A wá rí ilé kan ní Kẹ́ńtì, èyí tó gbẹ̀yìn nínú ilé mẹ́rin tó so mọ́ra wọn. Fíríhóòdù ni, kò ní ọjọ́ ìparí. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, níbi tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, tí ìwé sì máa ń sọ pé ọdún 99 ni wọ́n fún ọ. Fíríhóòdù wá dà bí àlá lójú mi.

Mo gba ìwé ilé náà jáde lórí ìkànnì HM Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀. Apá mẹ́ta ló ní: A sọ ibi tí ilẹ̀ wà, B sọ orúkọ ẹni tó ni ín, C sì kó gbèsè àti ìdè tó wà lórí rẹ̀. Ní C, gbèsè báńkì bàbá tó ń tà á nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rò pé ó parí.

Ṣùgbọ́n nígbà tá a lọ wo ilé lẹ́ẹ̀kejì, mo rí ilẹ̀kùn kékeré lára ọgbà tó pààlà ilé náà pẹ̀lú ti aládùúgbò. Koríko tó ti ibẹ̀ dé ojú títì ti kú, ipa táyà ike ìdọ̀tí sì wà lórí ilẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún lọ́yà. Kò pẹ́ tó fi pè mí: “Ẹ má fojú kékeré wo ilẹ̀kùn yẹn o, sà.”

Ó ní kí bàbá béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń gbé nílé kejì. Láti 1989 ni ìyá yẹn ti ń ti ike rẹ̀ gba ibẹ̀. Ẹni tó bá ti gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn fún 20 ọdún láìdáwọ́ dúró, tí kò fipá wọlé, tí kò yọ́ ọ ṣe, tí kò sì gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti ní ẹ̀tọ́ ìkọjá lábẹ́ òfin. Gbígbàyè yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀: ká ní bàbá ti kọ lẹ́tà sí i kí 20 ọdún yẹn tó pé pé “mo yọ̀ǹda fún ọ”, ẹ̀tọ́ ò bá máà sí. Kò kọ ọ́.

Mo ní, “Kò kúkú sí nínú ìwé.” Ó ní Òfin Ìforúkọsílẹ̀ Ilẹ̀ ọdún 2002 fi irú ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ láti de ẹni tó ń ra ilé, bí onítọ̀hún bá mọ̀ nípa rẹ̀, tàbí tó bá hàn sí ẹni tó fara balẹ̀ wò, tàbí tí wọ́n bá lò ó láàárín ọdún kan ṣáájú títa. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá mi. Ilé ìdáná tí mo fẹ́ kọ́ sẹ́yìn ti wọgbó nìyẹn, torí ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ì bá bọ́ sí. A ná an títí, bàbá yọ £4,000 kúrò nínú owó ilé.

Ẹ̀rù Ìbàdàn ló kù, ti ọmọ onílẹ̀ tó ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Bí mo bá sanwó lónìí, orúkọ bàbá ṣì wà ní B títí wọn yóò fi kọ tèmi. Lọ́yà fi fọ́ọ̀mù OS1, èyí tí wọ́n fi ń di ipò ẹni tó ń rà mú, ránṣẹ́ sí Land Registry ká tó sanwó. Ìyẹn fún wa ní 30 ọjọ́ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mú gbèsè tàbí ìwé rírà mìíràn wá láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀yìn wa ló máa tò sí, bí àwa náà bá ti fi tiwa sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ kẹsàn-án ni tiwa wọlé. Ṣùgbọ́n OS1 kò lè ti ilẹ̀kùn kékeré yẹn o.

Nígbà tá a kó wọlé tán, èmi àti ìyá náà fọwọ́ sí ìwé pé ẹsẹ̀ àti ike ìdọ̀tí nìkan ló lè gba ibẹ̀, pé fífẹ̀ ọ̀nà náà jẹ́ mítà kan. Báńkì tó yá mi lówó ní láti fọwọ́ sí i pẹ̀lú. A fi fọ́ọ̀mù AP1, tí wọ́n fi ń ní kí Land Registry yí ohun tó wà nínú ìwé ilé padà, kọ ọ́ sínú ìwé ilé méjèèjì, nítorí ẹ̀tọ́ tí wọ́n bá fìwé fúnni kò lágbára ní kíkún àfi tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti wà ní C báyìí, fún ẹni tó bá máa ra ilé náà lọ́wọ́ mi.