Lẹ́tà Iye Owó Tó Ń Padà Sí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé la ní ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Èmi ni mò ń fi lẹ́tà iye owó ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, pàápàá tí ọdún Ọlọ́jọ́ bá ń bọ̀ tí oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ń wá kàlẹ́ńdà. Thunderbird, ètò ímeèlì orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ti Bìrìtìkó ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, òun náà ni mo sì yàn nínú `Settings`, lábẹ́ `Composition`. Síbẹ̀, bí mo bá ti kọ `colour` báyìí, ìlà pupa á jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa yọjú wò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ṣé ìwọ náà ò tíì mọ sípẹ́lì ni?”

Mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún máósì tẹ inú lẹ́tà náà, mo á lọ sí `Languages`, mo á yan ti Bìrìtìkó. Pupa á lọ. Tí mo bá fi máa ṣí lẹ́tà mìíràn, ó ti padà dé. Mo yọ díṣọ́nárì Bìrìtìkó kúrò, mo tún un fi síbẹ̀, pàbó ló já sí.

Ìgbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá ṣí lẹ́tà òfìfo, kò sí wàhálà. Tí mo bá ń fèsì fún oníbàárà, kò sí wàhálà. Àfi tí mo bá bẹ̀rẹ̀ látinú lẹ́tà àwòṣe wa tó wà nínú fódà `Templates`. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo wá tẹ `Ctrl+U` kí n lè rí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí mo rí nìyí:

```
Content-Language: en-US
```

Ọ̀rọ̀ dé. Kí n tó fi díṣọ́nárì Bìrìtìkó sórí kọ̀ǹpútà yẹn ni mo ti kọ lẹ́tà àwòṣe náà. Bí a bá ń tọ́jú àwòṣe tàbí lẹ́tà tí a kò tíì parí, Thunderbird máa ń kọ èdè tí à ń lò lásìkò náà mọ́ ọn lára. Tí a bá tún ṣí i, ohun tó wà lára lẹ́tà ló ń tẹ̀ lé, kì í wo ti `Settings` mọ́.

Mo wá fi ọwọ́ ọ̀tún máósì tẹ àwòṣe náà, mo yan `Edit Template`. Nínú `Languages`, mo sàmì sí ti Bìrìtìkó, mo sì yọ àmì ti Amẹ́ríkà. Yíyọ yẹn ṣe pàtàkì, torí Thunderbird ayé ìsinsìnyí ń gba ju èdè kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà: tí méjèèjì bá wà níbẹ̀, `color` àti `colour` ló máa gbà wọlé láìbá ọ wí. Lẹ́yìn náà, `File`, `Save As`, `Template`. Mo tún tẹ `Ctrl+U`, `en-GB` ló wà níbẹ̀.

Ó ku àwọn lẹ́tà mẹ́rin tí mi ò tíì parí nínú `Drafts`. Wọ́n ti jogún ti àtijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì ṣí láti yí èdè wọn padà. Nínú ọ̀kan, mo bá `full color` pàdé. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìlà pupa yẹn lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀.