Síkáànì ẹ̀dọ̀fóró tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú mọ́lẹ̀: kókó tó yọ síbẹ̀, ṣé òótọ́ ni?

Ìbéèrè: Ègé mílímítà 5 ni síkáànì CT àyà tó wà lọ́wọ́ wa. A fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì níúrà sọ ọ́ di ègé mílímítà 1, ó sì mọ́lẹ̀ kedere. Àmọ́ kókó kan tó dà bíi kùrukùru tẹ́lẹ̀ ti wá di kókó líle tí etí rẹ̀ mú. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ti mílímítà 5 ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, bó tiẹ̀ ṣú. Òun nìkan ni ẹ̀rọ wọ̀n. Ohun tó kù jẹ́ àbá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá.

Ẹ jẹ́ ká mú píksẹ́lì kan ṣoṣo ní àárín gbùngbùn kókó yẹn. Lórí òṣùwọ̀n CT, tí wọ́n ń pè ní HU, omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ −1000. Ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ máa ń wà nítòsí −850, ẹran ara líle sì lè wà nítòsí 40. Nínú ègé tó nípọn tó mílímítà 5, gbogbo ohun tó wà láti òkè ègé náà dé ìsàlẹ̀ ló para pọ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ká ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni −316. Ibo ló ti wá?

Ó lè jẹ́ pé kókó líle gba mílímítà 3 nínú ègé náà, tí ẹ̀dọ̀fóró lásán sì gba 2 tó kù: (3 × 40 + 2 × −850) ÷ 5 = −316. Ó sì lè jẹ́ pé kùrukùru ni mílímítà márààrún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ −316. Ìṣirò méjèèjì ló pé. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé èèyàn márùn-ún dáwó, tí wọ́n sì sọ àròpọ̀ owó náà, ẹ ò tíì mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Ohun tá a ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe gan-an nìyẹn: ó gba nọ́ńbà kan, ó ní láti kọ márùn-ún jáde.

Lóòótọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wo píksẹ́lì kan ṣoṣo. Ó ń wo àwọn tó yí i ká àti ègé tó wà lókè àti nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń dára lórí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, torí iṣan gba inú ègé púpọ̀ kọjá, ó sì ti rí irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Kókó kékeré kò fún un ní àǹfààní yẹn. Kódà kókó líle tó tó mílímítà 7 lè bọ́ sáàárín ègé méjì, kí 3 wà nínú ọ̀kan, kí 4 wà nínú èkejì. Ọ̀kan á jẹ́ −316, èkejì á jẹ́ −138, kò sì sí èyí tó máa hàn bí ohun líle nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Nínú ìlànà Fleischner ti ọdún 2017, tí àwọn dókítà fi ń pinnu ìgbà tí wọ́n á tún yẹ kókó inú ẹ̀dọ̀fóró wò, kókó líle kan ṣoṣo tó wà láàárín mílímítà 6 sí 8 máa ń gba àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín oṣù 6 sí 12, tí wọ́n bá sì tún ṣe òmíràn, ó máa ń jẹ́ láàárín oṣù 18 sí 24. Kókó oníkùrukùru tó tó 6 sókè, wọ́n á wò ó lóṣù 6 sí 12 bákan náà, tí kò bá sì tíì lọ, wọ́n á máa wò ó lọ́dún méjì-méjì títí ọdún 5 yóò fi pé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sọ kùrukùru di líle, ó ti fọwọ́ kan ìwé ìpè aláìsàn náà.

Ìbéèrè: Bí kò bá dá a lójú, kí ló dé tí kò kàn fi ibẹ̀ sílẹ̀ kó ṣú?

Torí pé wọ́n kọ́ ọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi ìkọ́ni kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń fìyà rẹ̀ jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà tirẹ̀ àti nọ́ńbà tòótọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ìyàtọ̀ náà di ìlọ́po ara rẹ̀. Níbi tí ìdáhùn méjì bá ti ṣeé ṣe, ohun tó máa dín ìyà kù jù ni kó kọ àárín méjèèjì, àárín yẹn ló sì máa ń ṣú. Kò wu ojú, àmọ́ ó kéré tán, ṣíṣú náà ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí iyèméjì wà.

Àwọn tó ń ra irinṣẹ́ kì í fẹ́ràn àwòrán tó ṣú. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì dojú kọ ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa dá àwòrán tí wọ́n ṣe mọ̀ yàtọ̀ sí síkáànì gidi. Ṣíṣú ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí, torí náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ á kọ́ láti mú ìdáhùn kan, á sì yà á tán pẹ̀lú etí mímú àti ariwo, ìyẹn àwọn àmì wínníwínní tó jọ ti ẹ̀rọ. Èyí tó bá wọ́pọ̀ jù nínú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ló máa ń mú. Ní ọdún 2018, Cohen, Luck àti Honari fi èyí hàn lórí àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ń yí láti irú MRI kan sí òmíràn: bí wọ́n ṣe ń bù kún tàbí dín iye àwòrán tó ní kókó jẹjẹrẹ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń fi kókó sí ibi tí kò sí, tàbí kó yọ èyí tó wà kúrò.

Nínú ìdíje fastMRI ti ọdún 2020, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́jọ dátà kọ́ àwòrán ọpọlọ padà, wọ́n rí ọ̀kan tó fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò sí sínú àwòrán. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ léwu torí pé ó máa ń jọ ẹ̀yà ara gidi.

Ìbéèrè: A pa ègé tuntun márààrún pọ̀ padà, ó sì bá ègé àkọ́kọ́ mu. Ṣé kò tán síbẹ̀?

Ó dáa pẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má sì dẹ́kun ṣíṣe é. Bí `sr` bá jẹ́ àwòrán tuntun, tí `lr` jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí ègé `n` sì wà nínú ti àkọ́kọ́, tí gíga ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ `h`, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ `w`:

```python
d = sr.reshape(n, 5, h, w).mean(axis=1)
print(abs(d - lr).max())
```

Bí ìyàtọ̀ náà bá tóbi ju ariwo ẹ̀rọ lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tako ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n, kí ẹ jù ú nù láìwo ẹ̀yìn. Àmọ́ bó bá kéré, kò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan. Ẹ padà sórí −316: ìdáhùn líle àti ìdáhùn kùrukùru ló máa yege. Irọ́ tó léwu ni èyí tó fara pamọ́ síbi tí ìwọ̀n kò dé, ìdánwò yìí kò sì lè rí ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹni tó ta á fún wa ní PSNR rẹ̀ ga gan-an.

PSNR ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àwòrán ṣe sún mọ́ èyí tòótọ́ tó. Gbogbo àwòrán ló máa ń wò, kò mọ̀ pé kókó ṣe pàtàkì ju èjìká lọ. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Àwòrán 512 × 512 ní píksẹ́lì 262,144. Ká ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa kókó kan tó jẹ́ 6 × 6 rẹ́, ìyẹn píksẹ́lì 36, tó sì fi 50 ṣì í lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú òṣùwọ̀n 0 sí 255, tí gbogbo ibi yòókù sì pé pérépéré. PSNR rẹ̀ á ṣì lé ní 52 dB. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́ fún 40.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa dán an wò fúnra wa?

Ẹ wá síkáànì tó ní ègé mílímítà 1 gidi, tí dókítà ti sàmì sí àwọn kókó inú rẹ̀. Ẹ pa ègé márùn-márùn pọ̀ di mílímítà 5, kẹ́ ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì pín in padà, kẹ́ ẹ wá fi ojú kókó kọ̀ọ̀kan wò ó: mélòó ló sọnù, mélòó ló yọ tí kò sí tẹ́lẹ̀, mélòó ni líle rẹ̀ di kùrukùru tàbí tí kùrukùru rẹ̀ di líle. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á pọ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ègé kejì, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kẹta. Kókó gidi kò ní yí irú rẹ̀ padà torí pé ẹ̀yin yí ibi tẹ́ ẹ ti gé e. Lójú tèmi, ìdánwò kejì yìí ló ń tú àṣírí jù, torí èèyàn á rí i kí kókó kan ṣoṣo jẹ́ líle nínú ọ̀kan, kó sì jẹ́ kùrukùru nínú èkejì.

Ààlà kan wà o. Ègé tẹ́ ẹ fọwọ́ pa pọ̀ mọ́ tónítóní ju èyí tó ti inú ẹ̀rọ jáde lọ. Ẹ̀rọ kì í gé ègé rẹ̀ ní ṣákáṣáká bíi ti ìṣirò, ìlànà tí wọ́n fi kọ́ àwòrán náà sì lè yàtọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yege lórí èyí, a jẹ́ pé ó yege lórí ìdánwò tó rọrùn.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta-mẹ́rin, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọn ò ti fẹnu kò. Ó wúlò, àmọ́ bí àwòrán kan náà lẹ fi kọ́ gbogbo wọn, wọ́n lè jọ fẹnu kò sórí irọ́ kan náà.

Ìbéèrè: Kí la máa wá ṣe sí síkáànì tó wà nílẹ̀ yìí?

Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń gba ìtànṣán nínú ẹ̀rọ CT máa ń wọ̀n ègé tó tín-ín-rín ju mílímítà 1 lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwòrán láti inú dátà náà ni wọ́n sọ ọ́ di 5, kó má bàa pọ̀ jù láti wò. Bí dátà àkọ́kọ́ bá ṣì wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n lè kọ́ ègé mílímítà 1 gidi láìtún fi ìtànṣán kan aláìsàn. Kì í pẹ́ púpọ̀ kí ẹ̀rọ tó pa dátà yẹn rẹ́ kó lè ráyè fún tuntun, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ yára. Ìlànà Fleischner fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n máa kọ́ síkáànì àyà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ní ègé tí kò nípọn ju mílímítà 1.5 lọ.

Bí dátà náà bá ti lọ, ẹ fi ègé mílímítà 5 ránṣẹ́ sí dókítà tó ń kà á. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un, ẹ yẹ fáìlì DICOM rẹ̀ wò: àyè `ImageType` gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `DERIVED`, kó má jẹ́ `ORIGINAL`. Ẹ wo `SliceThickness` náà. Irinṣẹ́ náà á ti kọ 1 síbẹ̀, ohunkóhun tó bá sì ń wọn kókó lẹ́yìn náà á gbà pé ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán fúnra rẹ̀, níbi tí ojú á ti rí i, pé mílímítà 5 ni wọ́n yà, kí dókítà má sì fi í pinnu bóyá kókó kan le tàbí kò le.