Sẹ́ńsọ̀ LM75A nínú fírísà: ìdí tí -18 fi ń di 238

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo so sẹ́ńsọ̀ LM75A mọ́ ESP32 kí n lè máa ṣọ́ fírísà tí ìyá mi fi ń ta ẹja dídì ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́. Níta, 29.5 ló ń kọ, ó sì bá bí ojú ọjọ́ ṣe rí mu. Bí mo bá gbé e sínú fírísà, iye náà á máa lọ sílẹ̀ dáadáa títí á fi kan òdo, á wá fò lọ sí 255, á sì rọra wálẹ̀ títí á fi dúró sí 238. Kóòdù yìí kan náà kò ní wàhálà rárá lórí Arduino Uno. Ṣé sẹ́ńsọ̀ mi ti bàjẹ́ ni?

```
uint8_t b0 = Wire.read();
uint8_t b1 = Wire.read();
int raw = (b0 << 8) | b1;
float t = (raw >> 5) * 0.125;
```

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ ni pé tí a bá yọ 256 kúrò nínú 238, -18 ló kù, ìyẹn sì ni ìwọ̀n ooru tí fírísà ẹja sábà máa ń wà. Sẹ́ńsọ̀ sọ òótọ́. Kóòdù ni kò gbọ́ ọ yé.

Báìtì méjì ni LM75A ń fi ránṣẹ́ láti inú rẹ́jísítà 0x00. Báìtì àkọ́kọ́ ló gbé odidi dígírì, bitì mẹ́ta tó wà ní apá òsì báìtì kejì ló sì gbé ìdá dígírì, ní ìṣísẹ̀ 0.125 kọ̀ọ̀kan. Bitì márùn-ún tó kẹ́yìn kò wúlò fún wa, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fi `>> 5` tì wọ́n dànù. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ wà níta, 0x1D àti 0x80 ló fi ránṣẹ́. 0x1D jẹ́ 29. Bitì mẹ́ta òkè nínú 0x80 jẹ́ 4, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sì jẹ́ 0.5, nítorí náà ni ẹ fi rí 29.5.

Bí ooru bá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, sẹ́ńsọ̀ kò ní àyè kankan tí yóò ti fa ilà àmì òdì síwájú nọ́ńbà. Ọ̀nà tó ń gbà kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó ń fi Yorùbá ka nǹkan. Àwa náà kì í ka márùn-ún lé ní àádọ́rin nígbà tí a bá fẹ́ sọ 75; a máa ń wo ọgọ́rin tó wà níwájú, a sì ń sọ iye tó dín, a ní àrùndínlọ́gọ́rin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sẹ́ńsọ̀ ń ṣe. Bí ó bá fẹ́ sọ -18, yóò mú 256, yóò yọ méjìdínlógún kúrò, yóò sì kọ 238, èyí tí í ṣe 0xEE. Báìtì kejì á jẹ́ 0x00, torí pé kò sí ìdá. Ẹni tó bá ń ka báìtì yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí bitì tó wà ní òpin apá òsì báìtì àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ 1, iye tó dín ni wọ́n ń sọ fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ka 238 gẹ́gẹ́ bí 238.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Uno àti ESP32 ti pínyà. Lórí Uno, bitì 16 ni `int` ní. Bí ẹ bá to 0xEE àti 0x00 pọ̀ sínú rẹ̀, ó kún gẹ́lẹ́, bitì àmì ti sẹ́ńsọ̀ sì bọ́ sí ipò àmì ti `int`, nítorí náà ni ó fi ka -4608. Bí a bá fi `>> 5` tì í, -144 ni, -144 ní ìlọ́po 0.125 sì jẹ́ -18. Lórí ESP32, bitì 32 ni `int` ní. Báìtì méjèèjì kan wọ ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni, òdo mẹ́rìndínlógún sì wà níwájú wọn, nítorí náà bitì àmì ti di bitì lásán láàárín. Ohun tí ESP32 kà ni 60928. Bí ẹ bá tì í, ó di 1904, ìyẹn ló sì fún yín ní 238. Oríire lásán ló gba kóòdù yín là lórí Uno.

Ìlà kan ṣoṣo ni ẹ máa yí padà:

```
int16_t raw = (int16_t)((b0 << 8) | b1);
```

`int16_t` jẹ́ bitì 16 lórí máíkírókọntírólà gbogbo, nítorí náà àmì náà kò ní ṣìnà mọ́. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kọ `uint16_t`, torí pé `u` iwájú rẹ̀ ń sọ pé kò sí iye ìsàlẹ̀ òdo rárá, 238 yóò sì padà wá, lórí Uno pàápàá. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé bí `t` bá ju 127 lọ kí a yọ 256. Èsì rẹ̀ tọ̀nà fún sẹ́ńsọ̀ yìí, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ tí ìtò bitì rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò rẹ̀ ni yóò dà yín.

Ìbéèrè: Mo yí i padà, -18 sì ti jáde, ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ lálẹ́ àná, -0.125 ló ń kọ láti nǹkan bí aago mẹ́wàá títí ilẹ̀ fi mọ́, kò yí padà rárá. Ẹ̀rù bà mí pé ẹja ti ń yọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí fírísà, ó dì gbagidi bí òkúta.

Ìdáhùn: Ìwọ̀n ooru tòótọ́ kì í dúró sójú kan títí ilẹ̀ fi mọ́ láìmì. Sẹ́ńsọ̀ ti dákẹ́ ni, àmọ́ kóòdù yín ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń dáhùn.

Bí kò bá sí báìtì kankan tó wọlé, -1 ni `Wire.read()` máa ń dá padà. Ẹ wá gbà á sínú `uint8_t`, níbi tí -1 ti di 0xFF. Méjèèjì jẹ́ 0xFF, wọ́n di 0xFFFF, `int16_t` kà á sí -1, `>> 5` fi í sílẹ̀ ní -1, ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 0.125. -0.125 nìyẹn. Iye yìí burú ju 238 lọ lójú tèmi, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé 238 kò lè jẹ́ òótọ́ nínú fírísà, nígbà tí -0.125 jọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ lóru.

Ẹ jẹ́ kí kóòdù bi í léèrè bóyá sẹ́ńsọ̀ dáhùn kí ó tó gba iye kankan gbọ́:

```
Wire.beginTransmission(0x48);
Wire.write(0x00);
if (Wire.endTransmission() != 0) return false;
if (Wire.requestFrom(0x48, 2) != 2) return false;
```

Bí ó bá dá `false` padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìdáhùn. Ẹ má kọ nọ́ńbà, ẹ má sì fi iye tó wà tẹ́lẹ̀ dí àyè náà. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé báìtì méjèèjì la bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ń bèèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, sẹ́ńsọ̀ lè wọn ooru tuntun láàárín méjèèjì, odidi ti àtijọ́ á sì wá pẹ̀lú ìdá ti tuntun.

Láti mọ ohun tó já, ẹ tẹ nọ́ńbà tí `endTransmission()` dá padà jáde. Bí ó bá jẹ́ 2, kò sí ẹni tó dáhùn sí orúkọ 0x48. Orúkọ yìí sinmi lé ẹsẹ̀ A0, A1 àti A2: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá so mọ́ GND, 0x48 ni, bí ẹ bá so A0 nìkan mọ́ iná, ó di 0x49. Torí pé tiyín ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi mítà wọn SDA àti SCL sí GND nígbà tí kò sí ohun tó ń lọ lórí wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà ní nǹkan bí fóòtì 3.3. Èyí tó bá wà ní òdo ti kan GND níbì kan, tàbí kó jẹ́ pé rẹsísítọ̀ tó ń fà á sókè ti já. Ìlẹ̀kùn fírísà ni kí ẹ yẹ̀ wò ṣáájú, ní ibi tí rọ́bà etí rẹ̀ ti ń fún wáyà mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa á dé.

Ìbéèrè: Wáyà ló já lóòótọ́, ní etí ìlẹ̀kùn bí ẹ ṣe wí. Mo ti fi èyí tó gùn tó mítà mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, mo gbà á gba ẹ̀yìn. Ní báyìí, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ó máa ń kùnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn: Gígùn wáyà ni. Lórí wáyà méjì yìí, ẹ̀rọ kì í ti iná sókè fúnra rẹ̀. Ó kàn ń fà á wálẹ̀ sí òdo ni, rẹsísítọ̀ ló sì ń gbé e padà sókè. Bí wáyà bá ṣe gùn tó ni iná tó ń fara mọ́ ọn ṣe ń pọ̀ tó, tí rẹsísítọ̀ sì ń pẹ́ kó tó gbé e dé òkè. Bí rẹsísítọ̀ yín bá jẹ́ 4.7 kílò-ómù, ẹ fi 2.2 kílò-ómù rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì so orí rẹ̀ mọ́ 3.3V, kì í ṣe 5V, torí pé ẹsẹ̀ ESP32 kò gba fóòtì márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ìyára kù:

```
Wire.setClock(50000);
```

Ìdajì ìyára tó ń lò tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò sì ní pa yín lára, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 100 ni LM75A ń wọn ooru tuntun.

Ìbéèrè: Ó ti dúró ṣinṣin báyìí. Ó kù kan: tẹmómítà tó wà lára fírísà ń kọ -19.5, tèmi ń kọ -18. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ìṣísẹ̀ 0.125 kò túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ kò ṣì tó bẹ́ẹ̀. Láti -25 dé 100, àwọn tó ṣe LM75A fàyè gba dígírì méjì sókè tàbí sílẹ̀, nítorí náà dígírì kan ààbọ̀ kò tíì kọjá ààlà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí tiyín ṣe ṣì tó, ẹ ra omi dídì tó mọ́, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kún ife kan, ẹ da omi tútù díẹ̀ sí i, ẹ sì rò ó pọ̀ dáadáa. Ẹ fi nàílọ́ọ̀nù tí kò jò we sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí omi má bàa kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ rì í sí àárín yìnyín, ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa rò ó. Òdo ni omi náà wà níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì wà nínú rẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ bá kọ 1.25 níbẹ̀, ẹ máa yọ 1.25 kúrò nínú gbogbo iye tó bá mú wá láti inú fírísà, -18 yín á sì di -19.25. Ẹ ṣe é fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ bí ẹ bá ra òmíràn, nítorí àṣìṣe ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.