Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ Ránṣẹ́ Kí Ilẹ̀ Ọjọ́ Kejì Tó Ṣú

₦18,000 ni mo ná sórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí mo lọ ṣe ní Èkó ní oṣù kẹta, láti orí owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn títí dé orí ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí tí mo ṣe, n kò sì rí iṣẹ́ náà gbà. Ohun tí ó dùn mí ju owó náà lọ ni pé mo dáhùn ìbéèrè wọn dáadáa, síbẹ̀ ọjọ́ kẹjọ ni mo tó ránṣẹ́ dúpẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo sì ti da ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọ: "Mo dúpẹ́ fún àǹfààní tí ẹ fún mi." Ìlà kan péré ni wọ́n fi dá mi lóhùn, pé àwọn ti gba ẹlòmíràn láti ọjọ́ kẹrin.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí ó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn, wá pè mí sí Ìkẹjà ní oṣù karùn-ún fún iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀, mo ti pinnu pé èyí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọlé bá àwọn mẹ́ta. Màdáámú tí ó jẹ́ ọ̀gá sítọ́ọ̀ béèrè bí mo ṣe ń gbé ẹrù jáde, mo sì ní èyí tí ó bá kọ́kọ́ wọlé ni mo ń kọ́kọ́ gbé jáde. Wọ́n ní: "Bí páálí tí ó dé lónìí yóò bá bàjẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, tí èyí tí ó ti wà nílẹ̀ sì lè dúró di oṣù kejìlá ńkọ́?" Mo ronú díẹ̀ kí n tó gbà pé ọjọ́ ìbàjẹ́ tí a tẹ̀ sára páálí ni kí n máa wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ó wọlé. Bí mo ṣe jókòó nínú dánfó ni mo kọ ìbéèrè náà sẹ́yìn ìwé ìpè mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bi í, nítorí mo mọ̀ pé tí ó bá di alẹ́, ìdáhùn tèmi nìkan ni n óò máa rántí.

Kíkọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Àdírẹ́sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo fi èsì sí ímeèlì tí wọ́n fi pè mí, kò pẹ́ ni ó padà wá pẹ̀lú àkọlé "Address not found", nítorí àdírẹ́sì tí wọ́n kàn fi ń ránṣẹ́ jáde ni, kò sí ẹni tí ń gba lẹ́tà níbẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù nígbà náà, ọ́fíìsì sì ti pa dé.

Ní ọjọ́rú, mo pe fóònù wọn ní aago mẹ́jọ, wọn kò gbé e. Mo tún pè ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, kò sí ìdáhùn. Nígbà tí ó di aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, arábìnrin kan gbé e, ó sì ní òun kò láṣẹ láti fún mi ní àdírẹ́sì ọ̀gá sítọ́ọ̀, àfi ti ẹni tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Mo gbà á, mo tẹ̀ ẹ́, ó tún padà. Ó ti sú mi pátápátá kí n tó tún pè, tí mo wá bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé 'm' bíi ti Mọ́ńdè ni, àbí 'n' bíi ti Nàìjíríà?" 'N' ni, 'm' ni mo sì ti gbọ́. Ká ní mo béèrè àdírẹ́sì lẹ́nu ọ̀nà kí n tó jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo èyí kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ó lọ tí kò sì padà mọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ohun tí ó sọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín àti àwọn tí ẹ jọ jókòó fún àkókò tí ẹ fún mi lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí han ọ̀gá sítọ́ọ̀. Ìbéèrè wọn nípa páálí tí ó dé kẹ́yìn ṣùgbọ́n tí yóò kọ́kọ́ bàjẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ẹ bá gbà mí, n óò máa kọ oṣù ìbàjẹ́ gàdàgbà sí iwájú páálí kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ó bá wọlé, kí ẹni tí ń gbé ẹrù má baà máa wá a kiri."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò béèrè owó oṣù, n kò sì tún ìtàn iṣẹ́ mi sọ, nítorí wọ́n ti gbọ́ ọ lójúkojú.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí fún ìpele kejì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fẹ́ pè mí tẹ́lẹ̀, n kò lè búra pé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, ẹ̀dà rẹ̀ wà níwájú màdáámú, wọ́n ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ "oṣù ìbàjẹ́", ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ bi mí ni irú bírò tí n óò fi kọ ọ́ tí omi kò fi ní pa á rẹ́.