Ìwé sáfè ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, kò sọ ẹni tó ni ín

Bí àwọn tó ń ra ilẹ̀ ní Kàbà, Mópà àti Ìsánlú bá ti rí ìwé sáfè tí wọ́n fa ìlà pupa yí ilẹ̀ ká lórí rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyẹn. Awọnlẹ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń gbé píìlà ààlà wọ igbó. Ẹni tó bá mú wa lọ sóko tó ní ibí ni tòun, ohun tó fi hàn wá la ó wọ̀n, orúkọ tó bá dá la ó kọ. A kì í bi í bóyá bàbá rẹ̀ ní àbúrò.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá fẹ́ ra ilẹ̀ kan, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní 100, lójú ọ̀nà Kàbà sí Ọbájànà. Ìwé sáfè ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á kì í ṣe ayédèrú. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló fọwọ́ sí i, orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà lórí rẹ̀, píìlà rẹ̀ ṣì ń funfun. Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kó tó ní kí n bá òun wò ó.

Kajú ni mo kọ́kọ́ rí. Igi bíi mẹ́wàá, ìdí wọn ti nípọn, ẹnì kan sì ń gbá abẹ́ wọn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ta ló ni kajú yìí?" Wọ́n ní, "Ọkọ mi ló gbìn ín. Ilẹ̀ bàbá wọn àgbà ni." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló tú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń pè é ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá àgbà ló kọ́kọ́ dáko síbẹ̀, ìyàwó mẹ́ta ló sì ní. Ìdí igi mẹ́ta ló ni ilẹ̀. Ìdí igi kan ṣoṣo ni ọ̀gbẹ́ni yìí ti wá.

Ibi tí àwọn èèyàn tún ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á wá ẹni tó dàgbà jù tàbí tó lẹ́nu jù, wọ́n á ní kó fọwọ́ sí ìwé. Bí ilé ẹjọ́ ṣe ń wò ó rèé. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ìdí igi yòókù, ó dúró, àmọ́ wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ lọ wó o. Nítorí náà, olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan ni kí o wá, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i níṣojú ara wọn. Má gba "àbúrò mi wà ní Èkó, ó ti gbọ́." Pe àbúrò náà fúnra rẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi àdá la koríko káàkiri ààlà. Kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà sínú ilẹ̀ náà tí mo fi kan píìlà mìíràn, tó ti dúdú, tí èèpẹ̀ bo dé ọrùn. Mo fọwọ́ nu orí rẹ̀: nọ́ńbà rẹ̀ kò sí lórí ìwé ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ìdí igi kejì ti ta apá kan fún ẹnì kan lọ́dún 2016, onítọ̀hún kò sì tíì kọ́lé. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun ilẹ̀ wà lórí ìwé sínú fóònù láti mọ ààlà o. Ìlànà ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna ni wọ́n sábà máa ń lò lórí ìwé sáfè, ti fóònù yàtọ̀, ó sì lè gbé ọ lọ sórí ilẹ̀ aládùúgbò. Gbà kí awọnlẹ̀ tìrẹ wá píìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì gbé nọ́ńbà wọn lọ sí ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ní Lọ́kọ́jà, bóyá ìwé mìíràn ti jókòó lé e lórí.

Wo ọdún tó wà lórí ìwé pẹ̀lú. Oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Kwara là ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé 1988 tí wọ́n kọ "Ìpínlẹ̀ Kogi" sí lórí, àná ni wọ́n ṣe é.

Àwọn kan á ní àwọn ti yẹ ìwé wò ní Lọ́kọ́jà, kò sí orúkọ ẹlòmíì níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé débẹ̀ nìkan ni wọn yóò rí. Ẹni tó rà ní 2016 yẹn, òótọ́ ni pé wọ́n ti gbé píìlà síbẹ̀ fún un, àmọ́ ìwé àdéhùn àti rìsíìtì nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò forúkọ ohunkóhun sílẹ̀. Aládùúgbò àti Màmá onígbálẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì kò san owó. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹbí náà jókòó, wọ́n fún un ní ilẹ̀ mìíràn lápá òkè, ọwọ́ mẹ́rin sì wà lórí ìwé: ti olórí ẹbí, àti ti ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Màmá ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kajú òun kò sí níbẹ̀.